Àmúyá Nínú Ilé Tọkọtaya

Láyé ogun, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè tó sì sá lọ, olówó kì í fìgbà gbogbo wá onígbèsè náà kiri. Ó lè lọ lúgọ sójú ọ̀nà, kó mú ẹbí onígbèsè, tàbí ọmọ ìlú rẹ̀ kan tó ń ru ẹrù ọjà kọjá jẹ́jẹ́, kó dè é mọ́lẹ̀ títí gbèsè yóò fi di sísan. Àmúyá ni wọ́n ń pè é; àwọn mìíràn ń pè é ní èmú. Ẹni tí wọ́n mú kò yá owó, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yá a. Kò ṣẹ̀ ju pé ó bá onígbèsè tan tàbí pé wọ́n jọ wá láti ìlú kan náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn ní Ìbàdàn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé àmúyá kò tíì tán láàárín wa. Ẹni tó dalẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ, ọwọ́ kò tó o mọ́. Ẹni tó wà nítòsí, tó ń sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú wa, òun la máa ń mú. Òun ni yóò máa ṣàlàyé ibi tó wà, òun ni a óò yan odì sí, òun ni yóò máa jẹ́jọ́ ohun tí ẹlòmíràn ṣe kí òun tó dé. Nínú gbogbo ohun tí ìyà yìí máa ń bàjẹ́, ọ̀kan wà tí mo rí i pé àwọn ènìyàn kì í kíyè sí: ó máa ń mú kí òtítọ́ wọ́n nínú ilé, títí olóòótọ́ fúnra rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́.

Màá fi ọ̀ràn kan ṣàlàyé. Mo ti da ọ̀rọ̀ ilé bíi mélòó kan pọ̀ mọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà dá àwọn tó ni ín mọ̀. Ìyàwó ń ta aṣọ ní Gbági. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ ń wakọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkó. Ó pẹ́ gan-an tí ọkùnrin yẹn fi ní ilé kejì sí Mówé, tí obìnrin wà níbẹ̀, tí ọmọ wà níbẹ̀, tí ìyàwó tó wà n'Íbàdàn kò sì mọ nǹkan kan. Owó àjọ tó kó fún un pé kó fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ilé Mówé ló bá lọ. Bí ọkùnrin náà bá pẹ́, á ní ọ̀nà dí ní Ìbàfò. Bí wọ́n bá pè é, fóònù rẹ̀ á ti kú. Bó bá sì wá dé, á gbé búrẹ́dì gbígbóná bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí àṣírí tú, búrẹ́dì yẹn wà lórí tábìlì, wọn kò tíì tú ọ̀ra rẹ̀.

Ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn náà ń ṣiṣẹ́ iná oòrùn. Á gun òrùlé, á to páńẹ́ẹ̀lì, á so bátìrì mọ́ ìńfátà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, iye tí oníbàárà bá san fún un kò pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti máa gbé fóònù lórí òrùlé, àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn kì í sì í tètè sanwó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró de owó títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó ṣe ń bọ̀, ó ronú pé ebi á ti máa pa ìyàwó òun, ó bá yà ra búrẹ́dì. Bí obìnrin náà ṣe rí ọ̀ra búrẹ́dì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò fẹnu kàn án. Kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kẹta. Ọkọ bi í léèrè títí, ó rẹ̀ ẹ́, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Ìyàwó náà pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní òun ṣáà rí i pé nǹkan kan ń bẹ lára ọkùnrin yìí tí kò yé òun. Ìgbà tí mo bi í léèrè ohun tó wà nílé lálẹ́ ọjọ́ tó mọ̀ nípa Mówé, tí mo ní kó kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ tó wọ̀, oúnjẹ tó wà nílẹ̀, ohun tó ń dún, ìgbà yẹn ló tó dé orí búrẹ́dì, tó sì dákẹ́.

Bí ẹ̀rù ṣe máa ń wọ ara nìyẹn. Ivan Pavlov, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Rọ́ṣíà, fi ajá hàn wá pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ lemọ́lemọ́, ó máa tó di pé ìró náà nìkan á mú itọ́ jáde lẹ́nu ajá, bí oúnjẹ kò tilẹ̀ sí. Bó ṣe rí fún oúnjẹ ló rí fún ìrora. Ara kì í fi ìwà ọ̀dàlẹ̀ nìkan pamọ́. Ó máa ń fi gbogbo ohun tó dúró yí i ká lọ́jọ́ náà pamọ́ pẹ̀lú. Búrẹ́dì kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni, fóònù tó kú kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí ènìyàn bá sá fún ekòló, kò pa ekòló lára. Ní ti ọkọ yìí, sísá náà ń dun ẹni tí wọ́n ń sá fún.

Lẹ́yìn alẹ́ búrẹ́dì yẹn, kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ mi, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Á pè é léraléra títí yóò fi gbé e. Bó bá gbé e, á bi í níbi tó wà. Bó bá délé, á tún bi í. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn, á fi ọ̀rọ̀ mìíràn bi ìbéèrè kan náà, bóyá ìdáhùn yóò yàtọ̀. Á wo Wasáàpù kó lè mọ ìgbà tí ọkọ wà lórí rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wá ń pe ọmọṣẹ́ ọkọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n wà ní Àpáta. Kò pẹ́ tí ọmọṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sábẹ́ ètè bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀.

Gbogbo ìgbà tó bá yẹ ọkọ rẹ̀ wò, mímọ́ ló ń bá a. Àyà rẹ̀ á balẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rò pé bí òun bá dáhùn tó, ó di dandan kí ọkàn obìnrin yìí balẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kì í rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rù. Paul Salkovskis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1991 pé ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó mọ̀ pé ewu kò sí níbẹ̀ látilẹ̀wá. Bí ọkọ bá ti sùn sílé lónìí, ohun tí ọkàn ìyàwó kọ sílẹ̀ ni pé: ó sùn sílé nítorí pé mo ṣọ́ ọ. Ìṣọ́ ló gba ọpẹ́, ìwà ọkọ kò rí nǹkan kan gbà. Bó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá ló fi ṣọ́ ọ tí kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ìgbẹ́kẹ̀lé kò ní fi bẹ́ẹ̀ kún.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti wá burú nìyí. Obìnrin oníbàárà kan ní Bódìjà pe ọkọ lálẹ́ pé ìńfátà òun ń dún. Ọkọ dáhùn níwájú ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ẹni tó pè. Ìjà ọjọ́ náà dé ọ̀gànjọ́ òru. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin yẹn tún pè. Ọkọ gbé fóònù jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó wọlé, ìyàwó bi í pé ta ni, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Nídàájí, ìyàwó yẹ fóònù wò, ó rí nọ́ńbà náà, ó jí i lójú oorun: "Ẹ ò rí i pé mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Ohun tí ọkọ yìí fi pamọ́ kì í ṣe obìnrin. Ìjà ló ń fi pamọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sọ òtítọ́, wọn kò jẹ́ kó sùn. Bó bá parọ́ tí kò sì hàn, á sùn. Ìtumọ̀ òwe tó ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ló di ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé wọn láìmọ̀. Ìyàwó tó ń fẹ́ òtítọ́ ju ohunkóhun lọ ni ẹni tó gbé owó òtítọ́ ga títí ọkọ rẹ̀ kò fi lè rà á mọ́. Bí ọkọ sì ṣe pa irọ́ kékeré yẹn, ẹ̀rí tí ìyàwó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá délẹ̀, ẹ̀rí gidi ni pẹ̀lú.

Geraldine Downey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York tẹ ìwádìí kan jáde ní 1998 lórí irú ọ̀ràn yìí. Wọ́n rí i pé àwọn tó ti ń retí pé olólùfẹ́ wọn yóò kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ni ìfẹ́ wọn sábà máa ń tú ká ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n wo bí tọkọtaya ṣe ń jiyàn, wọ́n rí i pé ọ̀nà tí àwọn obìnrin tó ní ìbẹ̀rù yìí gbà ń sọ̀rọ̀ wà lára ohun tó ń mú inú bí ẹnìkejì wọn lẹ́yìn iyàn náà. Ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fà á wọlé.

Àwọn ọkùnrin náà ń ṣe é, ìyà tiwọn ló kàn máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Mo ti rí àwọn tó ta ilẹ̀ láti fi rán àfẹ́sọ́nà lọ sí ìlú òyìnbó, tí ọmọbìnrin náà dé ọ̀hún tí kò gbé ìpè wọn mọ́. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ á wá fẹ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Bí ìyàwó bá dárúkọ ìdánwò kan tó lè mú un ga níbi iṣẹ́, ojú ọkọ á yí padà. Kò ní pariwo, kò ní yẹ fóònù wò. Owó ìdánwò ni kò ní sí, ọdọọdún. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ní ìyà, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ àìlówó lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kí ènìyàn má fura mọ́ ni? Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Òótọ́ ni. Mo ti gba àwọn tí ìfura wọn tọ́ nímọ̀ràn rí. Ohun tí mo máa ń wò ni ibi tí ìfura náà ti ń jáde wá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì bá ń yí padà, bí owó bá ń sọnù tí kò sí àlàyé, bí kò bá fẹ́ kí ẹbí òun mọ ẹni tí òun ń fẹ́, bí ìbéèrè jẹ́jẹ́ bá ń di ìbínú tàbí lílù, ìwà ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kí ènìyàn gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ń dẹ́rù bani bá jẹ́ òórùn, ọ̀ra búrẹ́dì, fóònù tó kú, tí àlàyé ẹni náà sì dúró lójú kan láti oṣù dé oṣù, ẹni tó ti lọ ló ń sọ̀rọ̀. Ààlà kan sì tún wà. Bí ìṣọ́ bá di pé wọn kò gba ẹnìkejì láyè láti rí ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìmọ̀ràn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2015 lórí ìwà ipá sí ọmọnìyàn ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, ọgbẹ́ àtijọ́ kì í sì í ṣe àwíjàre níbẹ̀.

Fún ìyàwó Gbági, ìwé la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fa ìlà sí àárín ìwé kan. Lápá òsì, kó kọ ohun tí ọkọ àkọ́kọ́ ṣe. Lápá ọ̀tún, kó kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí pé ọkọ yìí ṣe, kó má kọ ohun tó rò. Apá òsì kún kíákíá. Apá ọ̀tún ní ohun mẹ́ta péré: ó máa ń pẹ́, fóònù rẹ̀ máa ń kú, ó parọ́ nípa ìpè kan. Mo wá ní kó fa ìlà láti ọ̀tún lọ sí òsì níbi tí ìwà bá ti bá ìwà mu, kì í ṣe níbi tí wọ́n kàn ti jọra lójú. Irọ́ yẹn nìkan ló rí ìlà fà sí. A kò sọ pé kì í ṣe irọ́. A yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ yìí gan-an, kó bẹ̀bẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ọkàn ìyàwó fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó ti rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ti ọkọ yìí ṣeé kà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló nira jù. Bí àyà rẹ̀ bá já, kò gbọdọ̀ pè, kò gbọdọ̀ wo Wasáàpù, fún ogún ìṣẹ́jú. Dípò ìyẹn, á kọ ohun tó rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, á sì kọ bó ṣe dá a lójú tó, láti orí òdo dé mẹ́wàá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú kò le mọ́, a sọ ọ́ di ogójì, lẹ́yìn náà ó di títí ọkọ yóò fi délé. Àǹfààní ìwé yìí ni pé kò sí ìṣọ́ níbẹ̀ tí yóò gba ọpẹ́. Ọkọ sùn sílé, kò sì sí ẹni tó ṣọ́ ọ. Ẹ̀rí irú èyí ni ọkàn máa ń gbà wọlé.

Ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ náà ní láti yí padà. "Ta lẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀?" jẹ́ ẹ̀sùn, ẹni tí wọ́n bá sì fi sùn á gbèjà ara rẹ̀. A fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Ọkọ mi, fóònù yín kú, àyà mi sì já. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń dà mí láàmú. Ẹ ṣáà bá mi sọ ibi tí ẹ wà." Ọkọ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ní kíkún. Bó bá tún bi í, ọkọ á ní, "Mo ti dá ọ lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, wá jókòó tì mí." Kò ní tún àlàyé ṣe, nítorí àlàyé tí kò lópin kì í ṣe àánú. Ọkọ fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá pé òun á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí òun tó gun òrùlé àti bí òun bá sọ̀ kalẹ̀. Mo gbà á nítorí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, kò sì sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n.

Àdéhùn kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ líle mú: ohunkóhun tí ọkọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láìjẹ́ pé wọ́n bi í, kò gbọdọ̀ di ìjà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá dun ìyàwó, kó di ọ̀la, kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Ohun tí àdéhùn yìí wà fún ni láti dín owó òtítọ́ kù, kó lè rọrùn ju irọ́ lọ.

Wọ́n ṣe dáadáa fún bí oṣù mélòó kan, kí iṣẹ́ tó gbé ọkọ lọ sí Ìlọrin, tó ní láti sùn síbẹ̀. Ẹ̀rù náà padà bí ẹni pé kò lọ rí. Ẹbí ìyàwó ní ìmọ̀ràn kò ran án. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń retí rẹ̀: Mark Bouton ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ìwádìí hàn pé ẹ̀rù tó rọlẹ̀ ní ibì kan lè tún gbérí bí ibi náà bá yàtọ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tuntun kì í pa ti àtijọ́ rẹ́, ó kàn ń borí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ ni. Ilé ni ìyàwó ti kọ́ pé ọkọ òun ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kò tíì kọ́ ọ níbi tí ọkọ ti ń sùn sóde. Wọ́n padà sí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì tún gòkè láti ibẹ̀, ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ló kù. Nínú irú ọ̀ràn yìí, gbogbo ènìyàn máa ń gbà pé ẹni tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀ nígbà kan ló ni ìrora, wọ́n á ní kí ẹnìkejì ṣe sùúrù. Ó ti rẹ ọkọ yìí. Ó sọ fún mi pé òun kì í fẹ́ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù mọ́, nítorí ilé ló kàn. Nítorí náà, mo ní kí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó má sì bẹ̀ ẹ́ ní "ẹ máà bínú" lásán. Ó dárúkọ wọn: ọjọ́ mẹ́ta tó yan odì nítorí búrẹ́dì, òru tó jí i lójú oorun, ìpè sí ọmọṣẹ́. Ó pe ọmọṣẹ́ náà, ó sì sọ fún un pé ọ̀gá rẹ̀ kò ṣe ohun tí òun fura sí. Kò rọrùn fún un láti sọ ìyẹn fún ọmọdé, ṣùgbọ́n iyì tí wọ́n bà jẹ́ lójú ọmọṣẹ́, ojú ọmọṣẹ́ ni wọ́n ti gbọdọ̀ tún un ṣe.

Bí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá bi mí pé báwo làwọn ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti ń dára fún àwọn, n kì í bi ẹni tí ẹ̀rù ń bà bóyá ẹ̀rù náà ti tán. Ó lè má tán. Ẹnìkejì ni mo máa ń bi: kí lo sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí tí kò bi ọ́, kí ló sì ná ọ? Nígbà tí ọkọ Gbági dá mi lóhùn pé oníbàárà Bódìjà tún pè, pé òun sọ ọ́ lórí oúnjẹ, tí ìyàwó òun sì ní, "Ẹ kúkú bá a wo bátìrì rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti kú," mo mọ̀ pé òtítọ́ ti padà sí iye tí ẹni jẹ́jẹ́ lè rà.